Iṣẹ́ alẹ́ tó wọ ọjọ́ kejì: Ibo lowó ófátáìmù ń gbà lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọṣẹ́ lálẹ́ ní Ṣárádá, ní Bọ́mpáì àti ní Ṣaláwà, tó jẹ́ pé ìgbà tí àwa yòókù ní Sábọ̀n Gàrí bá ń jí lẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nílé, tiyín la gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ìṣirò sì ni pẹ̀lú.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà ni pé méjì nínú àwọn èèyàn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìjàkadì lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀kan, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Ọmọ Ọ̀ffà ni èkejì, òun ni akọ̀wé tó ń ṣírò owó àwọn òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ yẹn kan náà. A ò ní dárúkọ wọn, a ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ní, "Ẹ bá mi bi ọmọ yìí pé níbo ló ń kó owó ófátáìmù mi sí. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ ni mo ti ń wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò wọlé."

Àbúrò náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò jẹ nínú owó yín. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá gbé jáde ni mo ń san. Kọ̀ǹpútà ní ẹ ò ṣe ófátáìmù."

Bàbá alága ní ká gbé ìwé wá ká jókòó tì í. A jókòó tì í lóòótọ́, ibẹ̀ la sì ti rí i pé àwọn méjèèjì ló ṣi í kà. Ẹ̀gbọ́n ka tirẹ̀ jù, àbúrò sì ka tirẹ̀ dín. Ohun tó wà láàárín wọn ni agogo méjìlá òru.

Àdéhùn tó wà nílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ àdéhùn ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ìṣirò ò ṣeé ṣe láìsí i. Wákàtí 8 ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ₦4,000 ni wọ́n sì ń san fún un, ìyẹn ₦500 fún wákàtí kan. Wákàtí 1 wà fún ìsinmi àti oúnjẹ, wọn kì í sanwó fún ìyẹn. Ohun tó bá lé lórí wákàtí 8 lójúmọ́ ni ófátáìmù, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ìyẹn ₦750 fún wákàtí kan.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ máa ń wọlé ní agogo 10, wọ́n sì máa ń jáde ní agogo 7 àárọ̀. Bí a bá yọ wákàtí ìsinmi kúrò, wákàtí 8 ló kù, kò sí ófátáìmù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa yìí kì í tètè dé, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láìsí èèyàn nídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń di agogo 8 kọjá ìṣẹ́jú 30 kó tó kúrò. Láti alẹ́ ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òru márùn-ún gbáko, bó ṣe ń rí nìyẹn.

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe kà á

Ìka ọwọ́ lẹ̀gbọ́n fi kà á. Ó ní, "Mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Mọ́kànlá nìyẹn. Ẹ fi ààbọ̀ lé e." Ó yọ mẹ́jọ nínú mọ́kànlá ààbọ̀, ó ní òun ń gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lóru kan.

Ìkà yìí ò yà wá lẹ́nu, nítorí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn. Bí a bá ná ọjà lónìí tí a ní ọjà ọrún-ún ni, òní wà nínú ìkà náà. Bí ìtàdógún náà ṣe rí nìyẹn, ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìkà yẹn dáa fún ọjà, torí ọjọ́ tí a ń pàdé là ń kà. Ṣùgbọ́n nínú owó iṣẹ́, a kì í ka agogo tó lù. Àlàfo tó wà láàárín agogo kan àti èkejì là ń kà. Láti agogo 10 sí agogo 11, wákàtí 1 ni, kì í ṣe 2. Nípa bẹ́ẹ̀, láti agogo 10 alẹ́ sí agogo 8 àárọ̀, wákàtí 10 ló wà níbẹ̀, kì í ṣe 11.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kà á láìṣì ni ká fi agogo 12 òru ṣe ibùsọ̀. Láti agogo 10 dé agogo 12 jẹ́ wákàtí 2. Láti agogo 12 dé agogo 8 kọjá ìṣẹ́jú 30 jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 30. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 30. Ẹ yọ wákàtí 1 ìsinmi, ó ku 9 àti ìṣẹ́jú 30. Ẹ yọ 8 tó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́, ó ku wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 30. Ófátáìmù òru kan nìyẹn. Ní òru márùn-ún, ó di wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 30.

Nígbà tí a débí yìí, ẹ̀gbọ́n mi orí, ó ní, "Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ààbọ̀ yẹn náà dà?"

Bí àbúrò ṣe kà á

Àbúrò gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ jáde, ó ṣí ìwé tó fi ń ṣírò nínú Excel. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òun a kọ agogo ìwọlé sí àpótí kan, òun a kọ agogo ìjáde sí èkejì, òun a wá ní kó yọ ìwọlé kúrò nínú ìjáde. Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ohun tó máa ń gbé jáde ni `#####`.

Ìdí rẹ̀ ò le. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ohun tó rí ni 8:30 àti 22:00, o ní kó yọ 22:00 kúrò nínú 8:30, ìyẹn sì dín ju òdo lọ. Excel ò lè fi wákàtí tó dín ju òdo hàn, ló ṣe ń kọ àmì yẹn.

Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì wá bá a dá ọgbọ́n sí i. Ó ní kó gé iṣẹ́ náà sí méjì ní agogo 12 òru. Ìlà kan fún ọjọ́ Ajé, láti agogo 22 sí 24. Ìlà kejì fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti agogo 0 sí 8:30. Àmì `#####` lọ lóòótọ́, inú gbogbo èèyàn sì dùn.

Ibẹ̀ lowó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní òpó ófátáìmù tirẹ̀, tó ń béèrè pé, "Ṣé ìlà yìí lé ní wákàtí 8?" Ìlà ọjọ́ Ajé jẹ́ wákàtí 2, kò lé. Ìlà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìsinmi, jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 30, òun náà ò lé. Ọkùnrin tó fi wákàtí 9 àti ààbọ̀ ṣiṣẹ́ láìlọ sílé wá dà bí ẹni méjì tí ìkankan nínú wọn ò ṣe tó iṣẹ́ òòjọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bá a lọ. Wákàtí tó ṣe lọ́sẹ̀ jẹ́ 47 àti ààbọ̀. Àbúrò san gbogbo rẹ̀ ní ₦500, ó jẹ́ ₦23,750. Ohun tó yẹ kó san ni wákàtí 40 ní ₦500, ìyẹn ₦20,000, àti wákàtí 7 àti ààbọ̀ ní ₦750, ìyẹn ₦5,625. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦25,625. Ó fi ₦1,875 dín lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ₦7,500 ni. Kò sì sẹ́ni tó jí i.

Bí a bá ro ọjọ́ pọ̀ ńkọ́?

Àbúrò ní, "Tó bá jẹ́ pé mo ro àwọn ìlà tó bá ní déètì kan náà pọ̀ ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni, a sì ṣe é. Ọjọ́ Ajé jẹ́ wákàtí 2. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ 7 àti ààbọ̀ láàárọ̀ àti 2 lálẹ́, ìyẹn 9 àti ààbọ̀. Bákan náà ni Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ 7 àti ààbọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lé ní wákàtí 8, ófátáìmù wá jẹ́ wákàtí 6.

Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 30 ṣì sọnù, nítorí òru àkọ́kọ́ àti òru ìkẹyìn ò ní ẹnìkejì tí wọ́n máa bá pọ̀. Ẹni tó bá sì ṣe òru kan ṣoṣo, tó wá sinmi lóru kejì, gbogbo tirẹ̀ ló máa sọnù. Bẹ́ẹ̀ náà, ó lè pa ilé-iṣẹ́ lára. Ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òwúrọ̀ ní ọ̀sán, tó wá bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà, wákàtí 2 tó ṣáájú agogo 12 òru á lé mọ́ ti òwúrọ̀. Ìwé á ní ó ti ṣe ófátáìmù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti lọ sílé sinmi láàárín méjèèjì.

Ohun tó dáa jù ni kí wọ́n ka iṣẹ́ kan sí odidi kan, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ti ọjọ́ Ajé ni, kódà bí oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá bá a níbẹ̀. A lè gé e ní agogo 12 òru láti fi kà á, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ gé e láti fi sanwó.

Ohun tí àbúrò kọ sínú kọ̀ǹpútà

Nínú Excel, odidi ọjọ́ kan jẹ́ 1. Agogo 12 ọ̀sán jẹ́ 0.5, agogo 6 àárọ̀ jẹ́ 0.25. Bí ìyọkúrò bá dín ju òdo lọ, ohun tó kù ni pé ká fi odidi ọjọ́ kan kún un. `MOD` ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí agogo ìwọlé bá wà nínú B2, tí agogo ìjáde wà nínú C2, tí wákàtí ìsinmi wà nínú D2, ohun tó kọ sí E2 fún iye wákàtí, àti sí F2 fún ófátáìmù, rèé:

```
=MOD(C2-B2,1)*24-D2
=MAX(0,E2-8)
```

Ìlọ́po 24 ló sọ ìdá ọjọ́ di wákàtí. Kí wọ́n rí i pé nọ́ńbà lásán ni wọ́n ní kí E2 àti F2 fi hàn, kì í ṣe agogo. Ó kọ 22:00, 8:30 àti 1 sí i, E2 gbé 9.5 jáde, F2 gbé 1.5 jáde. Ìwé àti ìka ọwọ́ wá fẹnu kò.

Ẹ kíyè sí i pé 1.5 ló gbé jáde, kì í ṣe 1.30. Ibí yìí náà ni owó míì ti máa ń jò, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìṣírò kékeré ṣiṣẹ́. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 30 kì í ṣe 1.30, nítorí ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú wákàtí, kì í ṣe 100. Bí akọ̀wé bá fi 1.30 lọ́po ₦750, ó máa rí ₦975. Bó bá fi 1.5 lọ́po rẹ̀, ó máa rí ₦1,125. ₦150 ti lọ lóru kan. Ẹ wo ìwé owó yín: ìṣẹ́jú 15 gbọ́dọ̀ jẹ́ .25, ìṣẹ́jú 30 gbọ́dọ̀ jẹ́ .5, ìṣẹ́jú 45 gbọ́dọ̀ jẹ́ .75. Bí ẹ bá rí .15 tàbí .45 níbi tẹ́ ẹ ti retí wọn, ẹ yáa lọ béèrè.

Ẹ̀yin máígáàdì, ẹ gbọ́ o

Ìṣirò tí a kọ sókè yẹn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ́ géètì máa ń ṣe odidi ọjọ́ kan, láti agogo 6 àárọ̀ sí agogo 6 àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ sinmi. Bí ẹ bá kọ 6:00 sí ìwọlé àti 6:00 sí ìjáde, `MOD` máa ní òdo ni, bí ẹni pé ẹ ò wá síbi iṣẹ́ rárá. Ẹni tó bá sì ṣe wákàtí 25, wákàtí 1 ló máa kà fún un. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, déètì gbọ́dọ̀ bá agogo rìn nínú àpótí kan náà, bíi `2026-01-05 06:00` fún ìwọlé àti `2026-01-06 06:00` fún ìjáde. Lẹ́yìn náà, ìyọkúrò lásán ti tó:

```
=(C2-B2)*24-D2
```

Èyí ò lè ṣì wákàtí mú, nítorí kọ̀ǹpútà mọ ọjọ́ tí agogo kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìyọnu rẹ̀ kò ju pé èèyàn máa tẹ nǹkan púpọ̀ lọ.

Kí ni òfin wí?

Àwọn kan láàárín wa rò pé òfin Nàìjíríà ti dá iye ófátáìmù sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ ní wákàtí iṣẹ́ òòjọ́ jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ máa fi àdéhùn dá, tàbí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa bá wọn dúnàádúrà lé lórí, tàbí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ máa là kalẹ̀ níbi tí kò bá sí irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá lé lórí wákàtí tí wọ́n dá yẹn ni ófátáìmù. Òfin náà ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ ò dín ní wákàtí 1, kó sì ní odidi ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ìlọ́po mélòó ni wọ́n máa san, abala náà ò sì sọ agogo tí ọjọ́ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwé àdéhùn fi ṣe kókó. Abala 7 òfin yẹn kan náà pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tó gba òṣìṣẹ́, kó fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀ àti ètò wákàtí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo ọwọ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún, kò kan àwọn ọ̀gá tó ń ṣàkóso. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé náà, ẹ wá gbólóhùn kan nínú rẹ̀: ṣé ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ka iṣẹ́ alẹ́ sí, àbí agogo 12 òru ni wọ́n ti ń gé e? Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i.

Bó ṣe parí

Àbúrò gbé ìwé tó tún ṣe lọ bá máníjà rẹ̀. Wọ́n dá owó oṣù yẹn padà fún ẹ̀gbọ́n àti fún gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn oṣù tó ti kọjá, máníjà ní kí wọ́n gbé ẹ̀rí wá. Ìwé géètì tí wọ́n ń kọ agogo sí ti kún, wọ́n sì ti dà á nù. Ẹ̀gbọ́n ò ní àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ àfi ohun tó rántí. Owó yẹn kò wọlé, bóyá ni yóò sì wọlé mọ́.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan sápò. Lóru kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ déètì tí ẹ wọlé, agogo tí ẹ wọlé, déètì tí ẹ jáde, agogo tí ẹ jáde, àti iye ìsinmi tí ẹ rí gbà ní tòótọ́. Bí súpáfáísọ̀ bá lè buwọ́ lù ú, ó tún dáa sí i. Bí ọjọ́ owó bá dé, ẹ fi ìwé yín wé tiwọn kí ẹ tó pariwo. Bí wọn ò bá gbà, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò sì rí i yanjú, ọ́fíìsì Mínísírì Iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní ìpínlẹ̀ yìí, ìwé kékeré yẹn lẹ sì máa gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti ra tirẹ̀. Àbúrò ló bá a fi rúlà la òpó márùn-ún sínú rẹ̀.